Àjàṣẹ́ kò ra gààrí Kétu mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí iye tí ẹ̀ka kan ń tà fún èkejì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ gààrí ìyá wa ní ẹ̀ka méjì, orílẹ̀-èdè Benin ni méjèèjì wà. Kétu ló ń yan gààrí, Àjàṣẹ́ ló ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké tó ń tà á fún àwọn onísọ̀. Ìyá wa ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ṣírò èrè tirẹ̀. Kétu ń ta àpò 50 kílò fún Àjàṣẹ́ ní 15,000 sẹ́fà, ìyẹn gbogbo owó tó ná an, àti ìdá mẹ́rin rẹ̀ lórí. Ni ọ̀gá Àjàṣẹ́ bá lọ ń ra tirẹ̀ ní ọjà Wàndó ní 14,000. Ó ní òun ń jèrè 1,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Kí ló wá dé tí owó ilé-iṣẹ́ fi ń dín kù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o fi ìwé ìnáwó náà ránṣẹ́. Oríṣi owó méjì ló wà nínú 15,000 yẹn, ẹ sì ti pò wọ́n pọ̀.

Èkínní ni ẹ̀gẹ́, owó àwọn tó ń bó o àti àwọn tó ń yan án, igi ìdáná, àpò, àti ọkọ̀ dé Àjàṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9,500 lórí àpò kan. Bí ẹ kò bá yan àpò náà, owó yìí kò ní jáde. Èkejì ni gbèsè ẹ̀rọ, owó ilé, owó ọdẹ àti owó oṣù ọ̀gá, tó jẹ́ 750,000 lóṣù. Ẹ yan gààrí o, ẹ kò yan o, ẹ ó san án. Kétu lè yan 300 àpò lóṣù, ẹ sì pín 750,000 náà sí 300, ó jẹ́ 2,500 lórí àpò kan. Bẹ́ẹ̀ ni àpò kan ṣe di 12,000, tí ẹ fi èrè 3,000 lé e.

Lójú ọ̀gá Àjàṣẹ́, 15,000 ni àpò Kétu ń ná an, kò sì jẹ̀bi, torí ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú ìyá yín tó ni ẹ̀ka méjèèjì, 9,500 péré ni àpò tí Kétu bá yan lé èyí tó ń yan tẹ́lẹ̀ máa ná an. Ìwé yín fi hàn pé àwọn oníbàárà Kétu ń ra 200 àpò, àyè 100 àpò sì ṣófo. Àjàṣẹ́ ra 100 àpò níta, ó san 1,400,000. Ká ní Kétu ló yan án, 950,000 ni ì bá jáde nílé. 450,000 ló ń lọ lóṣooṣù báyìí, nígbà tí Àjàṣẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jèrè 100,000.

Ìbéèrè: Ọ̀gá Kétu tún ti fi ìwé ránṣẹ́ pé láti oṣù tó ń bọ̀ 16,500 ni àpò kan, torí pé ìnáwó ti lọ sókè. Ẹ̀gẹ́ kò sì wọ́n sí i. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Ìdáhùn: Kò purọ́. Àjàṣẹ́ ló lọ, ni 750,000 náà bá di èyí tí wọ́n ń pín sí 200 dípò 300. Ó wá di 3,750 lórí àpò kan. Fi 9,500 kún un, ó di 13,250. Fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ lé e, ó lé díẹ̀ ní 16,500. Bí wọ́n bá ń ṣe é báyìí lọ, bí àwọn oníbàárà bá ṣe ń sá, bẹ́ẹ̀ ni iye yóò máa ga, bí iye bá sì ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa sá. Àmì tí o fi lè dá àrùn yìí mọ̀ nìyẹn: iye àbẹ́lé ń lọ sókè, kò sì sí ohun kan lọ́jà tó wọ́n sí i.

Ewu kejì farapamọ́ síbẹ̀. Gbogbo owó tí Kétu bá ná ló ń kó lé Àjàṣẹ́ lórí, pẹ̀lú èrè lókè rẹ̀. Nǹkan bíi 200 sí 250 kílò ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di àpò 50 kílò gààrí kan. Bí àwọn tó ń bó o bá ń bó o nípọn, tí 250 ń wọlé níbi tí 210 ti tó, ta ló ń san 40 kílò yẹn? Àjàṣẹ́ ni, Kétu sì tún ń jèrè lórí àṣejù tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ máa fi ìnáwó ṣe ìpìlẹ̀ iye, ẹ jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye ẹ̀gẹ́, igi àti owó iṣẹ́ tó yẹ kí àpò kan gbà, kí ẹ sì pín owó oṣooṣù sí 300 tí ẹ̀rọ lè yan, kì í ṣe sí iye tí wọ́n rí tà lóṣù yẹn. Ohun tó bá lé lórí èyí, Kétu ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyá wa ní kí àwọn ọ̀gá méjèèjì jókòó kí wọ́n dúnàádúrà. Ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni kí wọ́n má kọjá?

Ìdáhùn: Kó tó di pé wọ́n jókòó, ìwọ ni kí o kọ ààlà méjì sílẹ̀ fún wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá lẹ́nu jù ni yóò borí.

Ààlà ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń tà: owó tí àpò náà mú jáde, àti èrè tí Kétu fi sílẹ̀ níta nítorí rẹ̀. Nígbà tí àyè ṣófo, kò sí èrè tó fi sílẹ̀, 9,500 ni ìsàlẹ̀. Bí àwọn oníbàárà bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan yí padà. Wọ́n ń ra àpò ní 14,000, ṣùgbọ́n Kétu ń san 700 fún alágbàtà àti alárù, kò sì ní san án bó bá kó o fún Àjàṣẹ́. Ìsàlẹ̀ wá di 13,300.

Ààlà òkè jẹ́ ti ẹni tó ń rà, ohun méjì ló sì ń pinnu rẹ̀. Èyí tó bá kéré jù ni kí ẹ mú. Àkọ́kọ́ ni iye tó lè rí i rà níta. Èkejì ni iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó tirẹ̀: àpò kan tó dì sí ọ̀rá ń pa 18,500, ọ̀rá àti ìpínkiri ń jẹ 3,000, 15,500 ló kù. Wàndó kéré jù, òkè jẹ́ 14,000.

Ṣùgbọ́n dúró ná lórí Wàndó. Ṣé gààrí kan náà ni? Bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò ọjà, fún un mọ́wọ́, kí o sì ṣí ọwọ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ra bí ìyẹ̀fun tútù dípò kó tú ká, omi ni wọ́n fi ń wọ̀n fún yín. Ọ̀gá Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ pé bí òun bá sá a gbẹ tí òun sì fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, 48 kílò ló máa ń kù, tí ti Kétu kì í dín. 14,000 fún 48 kílò túmọ̀ sí nǹkan bí 14,580 fún 50 kílò gidi. Òkè tòótọ́ nìyẹn. Iye ọjà dára ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ níbi tí ọjà bá ti jẹ́ ọjà kan náà. Mi ò tíì rí ibi púpọ̀ tó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ láìṣe àtúnṣe kankan.

Bí Àjàṣẹ́ bá wá bèèrè 150 àpò lóṣù kan ńkọ́? 100 yóò wọ inú àyè tó ṣófo, 50 yóò jáde láti ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 950,000 àti 665,000, ìyẹn 1,615,000, tó lé díẹ̀ ní 10,760 lórí àpò kan. Èmi ì bá kúkú kọ iye méjì fún wọn, ọ̀kan fún 100 àkọ́kọ́, ọ̀kan fún 50 tó kù, kí Àjàṣẹ́ lè rí i pé àwọn tó gbẹ̀yìn wọ́n ju àwọn ìṣáájú lọ.

Ìbéèrè: A ti pín àárín 9,500 àti 14,000 sí méjì, wọ́n gbà pé 11,750. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí?

Ìdáhùn: Ìjà lè parí. Ìpinnu lè má tọ́ síbẹ̀. Ká ní ilé oúnjẹ ilé-ìwé kan ní Àjàṣẹ́ ní òun á ra gààrí inú ọ̀rá, kí àpò kan jẹ́ 14,000 dípò 18,500. Ọ̀gá Àjàṣẹ́ yóò yọ 3,000 tirẹ̀, yóò rí 11,000, yóò wo 11,750 tí Kétu ń gbà, yóò sì sọ pé ó tì. Ilé-iṣẹ́ sì pàdánù 1,500 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, torí pé 9,500 ni àpò náà ń ná yín ní tòótọ́ nígbà tí àyè ṣófo. Iye èyíkéyìí tó bá ga ju 9,500 lè dá irú òwò bẹ́ẹ̀ dúró.

Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni kí ẹ ya owó náà sí méjì. Kí Àjàṣẹ́ san 9,500 lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá gbà, kí ó sì san 250,000 lóṣù fún àyè 100 àpò tí Kétu yà sọ́tọ̀ fún un, bó gbé e o, bí kò gbé e o. Oṣù tó bá gba 100 pé, 1,200,000 ni gbogbo rẹ̀, tó jẹ́ 12,000 lórí àpò, ó sì wà láàrin ààlà yín. Bí oníbàárà tuntun bá dé, 9,500 ni ọ̀gá Àjàṣẹ́ máa rí níwájú rẹ̀, yóò sì gbà. Kétu náà kò ní máa sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ lófo. Níbi tí ọ̀nà yìí ti máa ń dàrú ni ìgbà tí Kétu bá kún tí ó sì ń ta àyè Àjàṣẹ́ fún ará ìta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá owó àyè náà padà.

Ìbéèrè: Bí gààrí bá wá pọ̀ lọ́jà, tí Wàndó wá sí 13,000 tó sì gbẹ dáadáa ńkọ́?

Ìdáhùn: Wo Kétu. Bí àyè bá ṣì ṣófo níbẹ̀, 9,500 kò tíì kọjá 13,000, kí wọ́n máa bá ara wọn ṣe é. Bí Kétu bá kún tí àwọn oníbàárà ibẹ̀ ṣì ń san 14,000, ìsàlẹ̀ jẹ́ 13,300, òkè jẹ́ 13,000. Kò sí àyè ìdúnàádúrà rárá. Kí Àjàṣẹ́ lọ ra tirẹ̀ níta, kí Kétu tà fún ará ìta, kí ìyá yín má sì fipá mú ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Ìyá wa tún ń ronú láti dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, kí Kétu máa ta gààrí fún un. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Nàìjíríà nìyẹn, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni, kì í ṣe ẹ̀ka mọ́. Àwọn agbowó orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ààlà yóò fẹ́ mọ̀ bóyá iye tí ẹ kọ jẹ́ iye tí àjèjì méjì ì bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Nàìjíríà ṣe àtúnṣe sí ìlànà rẹ̀ lórí èyí ní 2018. 9,500 tó dára fún ìpinnu láàrin ilé yóò dà bíi pé ẹ ń kó èrè sá kúrò ní Kétu. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀rí iye ọjà jọ, iye tí Kétu ń tà fún ará ìta àti ọjọ́ tó tà á, kí ẹ tó kọ ìwé àkọ́kọ́ fún Ìmẹ̀kọ.