Bí Mo Ṣe Kọ Lẹ́tà Agogo sí Púrínsípà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ lẹ́tà yìí kí wọ́n tó gbà fún mi. Àkọ́kọ́ kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Mo ní mo fẹ́ ya fíìmù kúkúrú kan nínú ọgbà wọn "ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn láàárín oṣù Karùn-ún", mo sì ní a ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni fíìmù náà, ìṣẹ́jú méje péré, nípa ọmọ kan tó ń lu agogo ilé-ìwé. Ilé-ìwé girama kan wà ní Adó-Èkìtì níbí tó jẹ́ pé rímù ọkọ̀ ni agogo wọn. Wáyà ni wọ́n fi so ó rọ̀ sára igi máńgòrò. Ó ti dípẹtà yíká, àfi ojú ibi tí irin ti máa ń bà á, ibẹ̀ ń dán bíi owó ẹyọ. Òkè olókùúta wà lẹ́yìn ọgbà, tí wọ́n bá lu agogo náà, òkè á dá ohùn rẹ̀ padà. Nítorí ohùn yẹn ni mi ò ṣe lè lọ sí ilé-ìwé mìíràn.

Púrínsípà ka lẹ́tà mi tán, wọ́n na ọwọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Àtẹ ìdánwò Wáẹ́kì ni.

"Àwọn ọmọ mi ń ṣe ìdánwò. Kí ni mo fẹ́ sọ fún alábòójútó tó bá rí ẹ tó o gbé kámẹ́rà kọjá? Ẹ̀yin mélòó lẹ sì ń bọ̀?"

Mo dákẹ́.

"Tó o bá wá lu agogo mi ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ta ló máa kó àwọn ọmọ padà sí kíláàsì?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Kí n tó kọ ìkejì, mo bẹ̀bẹ̀ kí tíṣà kan mú mi yí ọgbà ká, mo kọ ibi tí mo máa lò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: àdírẹ́sì tèmi lókè lápá ọ̀tún, tiwọn nísàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì. Mo fi "Nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka" kún un, mo sì gba ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ ẹ̀ka wa kí n tó mú un lọ. Púrínsípà ò mọ̀ mí rí. Tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́gbà wọn, ó yẹ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

"Ọjọ́ Sátidé, 8 oṣù Keje, ni a fẹ́ wá, nígbà tí ìdánwò yóò ti parí, tí kò sì ní sí ọmọ ní kíláàsì. Àwa mẹ́fà ni. A ó wọlé ní aago méje àárọ̀, a ó jáde kí aago méjìlá tó lù. Abẹ́ igi tí agogo wà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí i nìkan ni a ó lò. Bátìrì ni kámẹ́rà wa ń lò, a kò ní gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Ọmọ ọdún 12 tí yóò ṣeré kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ìwé àṣẹ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àwọn olùkọ́ wa ni yóò wo fíìmù náà. Bí mo bá fẹ́ gbé e sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, n ó kọ́kọ́ padà wá tọrọ àyè."

Mo so ìtàn fíìmù náà mọ́ ọn, ojú ewé méjì. Ibẹ̀ ni wàhálà kù sí. Nígbà tí lẹ́tà padà lọ́jọ́ karùn-ún, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fi báírò pupa fa ìlà sí ibi tí tíṣà ti na ọmọ náà, wọ́n kọ "Ẹ yọ pàṣán yìí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ọgbà wọn làwọn èèyàn máa rí, tíṣà wọn ni wọ́n máa rò pé ó na ọmọ. Mo yọ ọ́.

Mo ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà mẹ́ta. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà yẹn ní Sátidé, torí kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá ọlọ́dẹ pé à ń bọ̀. Wọ́n wo òǹtẹ̀ náà dáadáa, wọ́n fi ìka pa á bóyá á ṣí, kí wọ́n tó ṣí géètì.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ọmọbìnrin wa lu agogo, òkè dá a lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún un lù. Ìgbà tí a máa fi wo ẹ̀yìn, ọmọ méjì ti dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú aṣọ ilé àti sílípáàsì, wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé lẹ́sìn wà lónìí ni?"