Bí a ṣe ń mọ ìgbà tí yẹ̀yẹ́ inú géèmù bá di èébú, àti ohun tí a ń ṣe sí i

Yẹ̀yẹ́ kì í ṣe àjèjì nídìí eré ìdíje. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé ọ̀ta kì í fi òpè sílẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ gún un lára, tí kò sì sí ẹni tó ń torí rẹ̀ bínú lọ sílé. Nínú géèmù ogun orí fóònù bíi PUBG Mobile àti Call of Duty: Mobile, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ń bá irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹni tí wọn kò rí rí, wọn kò sì lè rí ojú rẹ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ti faraya. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a kọ nìkan ni a ní láti fi ṣe ìdájọ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n kọ. `gg` jẹ́ ìkíni ìparí eré, pé eré náà dára. Láàárín àwọn tó ń ta StarCraft, ẹni tó ń pàdánù ló máa ń kọ ọ́ láti fi hàn pé òun ti gbà, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dun ènìyàn bí ẹni tó ń borí bá kọ ọ́ nígbà tí eré kò tíì parí. `ez` túmọ̀ sí pé ìwọ rọrùn láti nà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń bí àwọn ènìyàn nínú débi pé àwọn tó ṣe Overwatch ṣètò géèmù wọn kí ó máa fi gbólóhùn apanilẹ́rìn-ín rọ́pò `gg ez` fúnra rẹ̀, tí ẹni tó fẹ́ fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín á wá di ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ní tèmi, kò tíì sí ìjìyà tó bá ẹ̀ṣẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. `noob` ni òpè. `bot` ni ọmọ ogun tí kì í ṣe ènìyàn, tí géèmù máa ń kó sínú eré àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí o ṣe ń ta á kò jọ ti ẹni tó ní ọpọlọ. `camper` ni ẹni tó lúgọ sí igun kan, tó ń dúró de ẹni tí yóò yìnbọn fún.

Gbogbo ìwọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ta eré náà. `kys` kò sí lára wọn. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni náà lọ pa ara rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tí yóò fi di àwàdà, ìbáà jẹ́ láàárín ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn ìtumọ̀, kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà dojú kọ, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ní kí ó tó. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan ní Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin nínú PUBG Mobile, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni méjì, géèmù ló sì mú ẹnì kẹrin wá. Ọmọ yìí ní ọta 5.56 lọ́pọ̀lọpọ̀, àjèjì náà sì ní ìbọn M416 tí ọta rẹ̀ ti tán. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jù díẹ̀ sílẹ̀ fún òun, ọmọ náà kò dáhùn. Àjèjì kọ ọ́ pé: «Ahun Ìjẹ̀bú!» Ọmọ náà dá a lóhùn pé: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sí Ojúde Ọba kí ẹ wá wo ahun.» Yẹ̀yẹ́ ṣì ni èyí. Òtítọ́ ni pé ó kan ibi tí ọmọ náà ti wá, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré ló bí i, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí sì fi ẹ̀rín dá a padà.

Nígbà tí wọ́n pàdánù, àjèjì náà kọ `trash`. Ọ̀rọ̀ yìí wà ní ojú ààlà: bí ó bá ní eré wọn jẹ́ pàǹtí, ó lè kọjá, bí ó bá ní ọmọ náà gan-an ni pàǹtí, kò sí lórí eré mọ́. Ó tún kọ ọ́ pé gbogbo Ìjẹ̀bú ló ń ṣe òògùn owó, ó sì bú ìyá ọmọ náà. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: «Ẹ̀gbọ́n, ó tó.» Ibí ni a ti ń mọ̀. Ẹni tó ń ṣe àwàdà yóò dúró, ó tilẹ̀ lè tọrọ àforíjì. Àjèjì yìí kò dúró. Ó lọ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ náà níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn eré, pé òun mọ àdúgbò wọn, òun yóò sì dé ibẹ̀. Láti ìgbà tó ti bú ìyá rẹ̀ ni ó ti di èébú. Nígbà tó tẹ̀ lé e kúrò nínú eré, ó di ìhàlẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà yóò ṣe ní ètò tirẹ̀, àṣìtẹ̀lé rẹ̀ sì lè ba ẹ̀rí jẹ́. Kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú eré sábà máa ń pòórá tí eré bá parí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń bú u, kí ó lo ohun tí fóònù fi ń gba fídíò ojú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣí ojú ìwé ẹni náà kí ó ya nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, nítorí orúkọ ṣeé pààrọ̀ pẹ̀lú káàdì tí wọ́n ń lò nínú géèmù, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í yí padà. Ìgbà náà ni kí ó tẹ `Report`, kí ó yan ìdí tó bá ọ̀rọ̀ mu, kí ó tó tẹ `Block`. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dínà lè má rí ojú ìwé náà mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ń wọ ọmọ náà lára jù, kí ó tẹ `Mute` lójú ẹsẹ̀, kí ó fi ẹ̀rí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti yà.

Kí ó má ṣe bú u padà. Ẹni tó bá ń yẹ ẹ̀sùn wò yóò rí èébú àwọn méjèèjì lórí ojú ìwé kan náà, ó sì lè fi ìyà kan náà jẹ wọ́n. Kí ó má sì retí pé wọ́n á lé ẹnì kan kúrò nítorí `ez` tàbí `noob`; irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò.

Ti ìhàlẹ̀ kò parí sínú géèmù. Kí ọmọ náà fi àwòrán wọ̀nyẹn han òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó bá ń bẹ̀rù pé wọn yóò gba fóònù lọ́wọ́ òun, kí òbí náà sì má gbà á, nítorí orí rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, fi ìhàlẹ̀ sí ẹ̀mí ènìyàn sí ara ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n mú fóònù náà fúnra rẹ̀ dání, kí wọ́n má pa iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ náà rẹ́, kí wọ́n sì kọ déètì, aago àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni náà sínú ìwé kan.