Ẹ̀bà fún ẹni mẹ́fà: agolo gààrí mélòó, agolo omi mélòó?

Ẹni tó ń tẹ ẹ̀bà fún ara rẹ̀ nìkan lè fi ojú wọn ọ́n, kó sì bọ́ sí i. Bí omi bá pọ̀, á wọ́n gààrí díẹ̀ lé e. Bí gààrí bá pọ̀, á bu omi díẹ̀ kún un. Bí ẹnu bá ti di mẹ́fà, ojú kì í tó mọ́. Ìkòkò ti jìn, oru omi ti bo ojú, kí a sì tó mọ̀ pé omi ti pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ ti fẹ́ dà bí ẹ̀kọ mímu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn ọ́n.

Ìwọ̀n tí mo ń lò kò ṣòro láti há sórí: gààrí agolo 3, omi agolo 4. Ẹ̀bà tó bá tibẹ̀ jáde kì í le, kì í sì í rọ̀ jù. Ó ṣeé fi jẹ ẹ̀gúsí, ó ṣeé fi jẹ ẹ̀fọ́ rírò. Fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ó di gààrí agolo 6 àti omi agolo 8.

Agolo tí mo ń sọ ni agolo mílíìkì kékeré, èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà. Omi tó ń gbà tó nǹkan bíi mílílítà 160 sí 170, gààrí gbígbẹ tó bá sì kún un máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 100. Ẹ jẹ́ kó kún dọ́gba ẹnu agolo, kí ẹ sì fi ọwọ́ gé orí rẹ̀. Gààrí ṣeé kó jọ ga lórí agolo, omi kò ṣeé kó jọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi agolo olórí wọn gààrí, tí ẹ wá fi agolo kan náà wọn omi, ẹ̀bà á le, ẹ kò sì ní mọ ohun tó fà á. Ẹni tí kò ní agolo nílé lè lo ife ńlá tó ń gba mílílítà 240: gààrí ife 4, omi ife 5 àti ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ibo ni agolo 6 ti wá? Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí bàbá wà, tí ìyá wà, tí ìyá àgbà ń bá wọn gbé, tí ọmọkùnrin ọdún 16 wà níbẹ̀, ọmọbìnrin ọdún 11 àti àbígbẹ̀yìn ọmọ ọdún 5. Bàbá á jẹ agolo kan àbọ̀. Ọmọkùnrin yẹn náà á jẹ agolo kan àbọ̀, torí ọmọ tó ń dàgbà lọ́wọ́ kì í jẹun bí ọmọdé mọ́. Ìyá á jẹ agolo kan. Ìyá àgbà àti ọmọbìnrin á jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agolo kọ̀ọ̀kan, àbígbẹ̀yìn á jẹ ààbọ̀. Ẹ rò ó pọ̀, agolo 6 géérégé ni. Ilé yín lè má rí báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò náà nìyẹn: ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iye agolo tirẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá bu omi 4 fún gààrí 3.

Kí ẹ tó gbé omi kaná, ẹ wo gààrí náà. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, kí ẹ sì ṣí ọwọ́. Gààrí tó gbẹ dáadáa á tú ká, á máa ya gba àárín ìka. Èyí tí wọn kò yan gbẹ á dì pọ̀ lọ́wọ́, á sì fẹ́ lẹ̀. Gààrí tútù bẹ́ẹ̀ ti gbé omi sínú kó tó dé ilé yín, nítorí náà ẹ dín omi agolo 8 yẹn kù sí 7. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa wú dáadáa, ẹ bu díẹ̀ sínú gíláàsì kó gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ bu omi tútù sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Gààrí tó dára á wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tí kò bá wú tó bẹ́ẹ̀, kò ní gba omi agolo 8 pé. Lẹ́yìn èyí, ẹ jọ̀ ọ́. Koko ńlá tó bá ṣẹ́kù sínú ajọ̀ ni yóò di koko nínú ẹ̀bà, kò sí bí ẹ ṣe lè rò ó tó.

Ó yá, ẹ wọn omi, kí ẹ sì wọn ọ́n ní tútù. Ọ̀pọ̀ máa ń se omi nínú kẹ́tù, wọ́n á wá máa fi agolo bu omi híhó sínú abọ́. Ọwọ́ lè jóná níbẹ̀, omi náà á sì ti tútù díẹ̀ nínú agolo, á tún tútù nínú abọ́. Èmi máa ń bu agolo 8 omi tútù sínú ìkòkò tí mo máa fi tẹ ẹ̀bà gan-an, mo dé e pa, mo gbé e kaná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń gbé agolo 2 mìíràn kaná nínú kẹ́tù, nítorí ìgbà tí a bá nílò àtúnṣe. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí omi agolo 8 má kọjá ìdajì rẹ̀.

Ẹ dúró kó hó yaya. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ oru, tí kò tíì hó, ni ó ń fa ẹ̀bà tó ń tú ká, tí a bá mú òkèlè kan tí á fọ́ sínú ọbẹ̀. Ooru ni ó ń mú kí sítáàṣì inú gààrí rọ̀, kó sì di ara wọn mú. Bí ooru kò bá tó, gààrí á kàn mu omi bí ìgbà tí a rẹ ẹ́ láti mu ni, á máa rí yanrìn-yanrìn lẹ́nu.

Bó bá ti hó, ẹ pa iná, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n gààrí agolo 6 yẹn sí i. Ẹ má dà á sójú kan. Ẹ wọ́n ọn yí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ká lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó wá sí àárín, kí ọwọ́ yá. Gààrí Ìjẹ̀bú kúnná púpọ̀, ó sì máa ń tètè fa omi, òun ni ó yẹ kí ọwọ́ yá sí jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ á ti dì kí òkè tó rin. Ibi tó wù mí kí ẹ fara balẹ̀ wò nìyí: nígbà tí agolo 6 bá ti wọlé tán, ojú gààrí yẹ kó rin káàkiri, kí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa dán lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí òkìtì funfun gbígbẹ ní àárín, ẹ fi ṣíbí bu omi kẹ́tù sórí ibẹ̀ nìkan. Bó bá sì jẹ́ pé omi ṣì dúró bo gbogbo rẹ̀ tó ìbú ìka kan, gààrí yín kò gba omi tó, ẹ wọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan kún un nísinsìnyí, kí ó tó pẹ́.

Ẹ dé e pa fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ má sì fọwọ́ kan orógùn. Ẹni tó bá ń rò ó ní kété tí gààrí wọlé ń dí omi lọ́nà ni; ibi tí ó gbẹ á di koko, omi kò ní lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú orógùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ yí i padà láti ìsàlẹ̀, títí ojú rẹ̀ á fi dán. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá ń rò ó lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Bó bá le jù, ẹ má da omi lé e lórí kí ẹ máa rò ó, torí omi á kàn yí ẹ̀bà náà ká ni. Ẹ fi ẹnu orógùn dá ihò sí i lára, ẹ bu ìdajì agolo omi híhó sínú ihò wọ̀nyẹn, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ tó wá rò ó. Omi tútù kò dára rárá fún iṣẹ́ yìí. Bó bá rọ̀ jù, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń wọ́n gààrí gbígbẹ sí i, ẹyọ gààrí yẹn á sì máa ró láàárín eyín nítorí pé kò rí omi híhó tó. Ó sàn kí ẹ fi agolo gààrí kan àti agolo omi híhó kan tẹ ẹ̀bà líle díẹ̀ lọ́tọ̀ nínú abọ́, kí ẹ wá pò ó mọ́ èyí tó wà nínú ìkòkò.

Àtipín ló kù. Agolo gààrí kan á di ẹ̀bà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agolo méjì, nítorí náà ìkòkò yìí á ju agolo 10 lọ díẹ̀. Ẹ fi orógùn là á sí méjì. Ìdajì kan, bàbá àti ọmọkùnrin ọdún 16 ni ó ni ín, ẹ pín in dọ́gba. Nínú ìdajì kejì, ẹ kọ́kọ́ gé ìdá kan nínú mẹ́ta fún ìyá, ẹ gé ìdajì irú èyí fún àbígbẹ̀yìn, kí ẹ pín èyí tó kù sí méjì fún ọmọbìnrin àti ìyá àgbà. Abọ́ kékeré tí ẹ fi omi rin nínú ni kí ẹ fi bù ú, kó má lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ti ìyá àgbà gbẹ̀yìn nínú ìkòkò. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun 3 omi híhó kún un, ẹ gbé e sórí iná kékeré, kí ẹ rò ó títí á fi rọ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́ kì í fẹ́ ẹ̀bà tó le, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìdí tí gbogbo ilé á fi jẹ ẹ̀bà rírọ̀ nítorí ẹnì kan. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ewédú tàbí ilá ni ọbẹ̀, gbogbo ilé lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn sọ omi ìbẹ̀rẹ̀ di agolo 9.

Bí àlejò bá yà, gààrí agolo kan àbọ̀ àti omi agolo 2 ni kí ẹ fi kún un fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Bí gààrí bá ti ju agolo 9 lọ, ẹ pín in sí ìkòkò méjì. Ẹ̀bà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo débi pé orógùn kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì wà níbẹ̀ láìrò títí a ó fi bù ú sí abọ́.