Apá màmá ń dúdú, oògùn wọn sì kún ọ̀rá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi, ẹni ọdún 74, ń gbé ní Mọ́kọ́lá. Dókítà fún wọn ní lìsìnópírìlì fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ásípírìn 75. Ẹ̀gbọ́n mi tún fi kápúsù gíńkò àti ti aáyù ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Apá wọn wá ń dúdú káàkiri, bẹ́ẹ̀ wọn ò fara gbá nǹkan kan. Kí ni kí n kó lọ bá apòògùn? Ṣé kí n ti dá ìkankan dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ orúkọ oògùn láti orí. Ẹ kó ohun gbogbo tí màmá ń fi sẹ́nu sínú ọ̀rá kan, tòun ti páálí rẹ̀, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Tìyẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ bá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn?", rárá ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ máa ń lò tí orúnkún bá ń dùn yín?"

Ìyá kan láti Ọjẹ́ wá bá mi pẹ̀lú irú apá yìí. Nínú ọ̀rá wọn la ti bá oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní díkólófẹ́nákì 50, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tí wọ́n ti ń rà ní kẹ́mísì láti oṣù méjì. Ásípírìn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Díkólófẹ́nákì ń dá kún un, ó sì ń ṣe ikùn léṣe. Gíńkò àti aáyù inú kápúsù náà lè má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Díkólófẹ́nákì yìí kan náà ń ba iṣẹ́ lìsìnópírìlì jẹ́, ó sì ń fìyà jẹ kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà ní 164, dókítà sì ti fẹ́ fi kún oògùn. A ní kí wọ́n pa díkólófẹ́nákì tì, kí wọ́n lo párásítámọ́ọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá ti ń mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ti bọ́ sí 142.

Ẹ lè dá gíńkò àti aáyù inú kápúsù dúró títí ẹ óo fi rí apòògùn. Bí ẹ bá rí díkólófẹ́nákì, ẹ dá òun náà dúró. Ásípírìn àti lìsìnópírìlì ni kí ẹ má fọwọ́ kàn fúnra yín: bí màmá bá ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn rí, dídá ásípírìn dúró lójijì léwu. Bí wọn ò bá ní in rí, ẹ bi dókítà bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n máa lò ó.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Lóòótọ́, oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ lára náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, àmọ́ dókítà ni kó sọ ìyẹn.

Ìbéèrè: Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Màmá ní ewé lásán ni.

Ìdáhùn: Ẹ gbé ìgò náà dání. Àwọn kan máa ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ àgbo. Bí alágbo ò bá lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún apòògùn.