Ihò tó gbẹ kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù: bí mo ṣe kọ ìjábọ̀ àárín iṣẹ́ wa ní Ṣabẹ

3,130,000 owó sẹ́fà la ná sórí ihò kan tí kò mú omi wá. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ tí àwọn tó fún wa lówó fi ránṣẹ́ kò ní ibi kankan tí èèyàn lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ó béèrè iye tí a ti ná. Ó béèrè iṣẹ́ tó ti parí, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Ó béèrè ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò tán. Kò béèrè bóyá ilẹ̀ tí a gbẹ́ ní omi nínú.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá elégàrí ní abúlé kan lápá ìlà-oòrùn Ṣabẹ, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́nà odò Òkpárà. Iṣẹ́ méjì la gba owó fún: kànga ẹ̀rọ tí yóò ní pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, àti ilé gàrí pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń rẹ́ ẹ̀gẹ́ àti ààrò. 10,000,000 ni àpapọ̀ owó náà; 6,000,000 fún kànga, 4,000,000 fún ilé gàrí. Wọ́n kọ́kọ́ fi 6,000,000 ránṣẹ́, wọ́n ní 4,000,000 tó kù yóò tẹ̀lé e bí àwọn bá ti ka ìjábọ̀ àárín iṣẹ́. Oṣù kẹfà ló yẹ kí gbogbo iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí oṣù kẹfà dé, ilé gàrí ti ní ògiri àti páànù lórí, ṣùgbọ́n kò sí ààrò, kò sí ẹ̀rọ. Ní ti omi, kò sí ẹ̀kán kan.

Kíkó rìsíìtì jọ àti yíya fọ́tò kò nira, mi ò ní dúró lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ihò yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá ti gba Ṣabẹ kọjá mọ àwọn òkè àpáta tó yí ìlú ká. Àpáta kan náà ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Omi kì í tò pẹrẹsẹ sínú irú ilẹ̀ yìí. Inú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń wà, àti nínú èyí tó ti rà lókè rẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹnì kan á kọ́kọ́ wá fi iná ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀, á ri irin mọ́lẹ̀ ní ìlà, á wo ibi tí iná ti ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ àti ibi tí ó ti ń ṣòro fún un. Ìyẹn máa ń dín àdánù kù, ṣùgbọ́n kò lè fi omi dáni lójú. Wọ́n wò ó fún wa ní 300,000, wọ́n sàmì sí ibì kan lẹ́yìn ọjà.

Oṣù kejì ni ọkọ̀ agbẹ́kànga wọlé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń kó ohun tí ẹ̀rọ ń tú jáde sílẹ̀ ní òkìtì kéékèèké, òkìtì kan fún mítà kan, wọ́n tò wọ́n ní ìlà lórí ilẹ̀. Àwọn tó ṣáájú pupa. Àwọn tó tẹ̀lé e jẹ́ yanrìn tó ní òkúta rírà nínú. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ di eérú, ó kúná bí èlùbọ́, ó gbẹ. Bí mo ṣe rí i tí àwọ̀ yẹn kò yí padà mọ́ títí dé ìdí ìlà náà ni àyà mi ti já, nítorí bí ẹ̀rọ bá kan ibi tí àpáta ti sán, òkúta tó ń jáde máa ń tóbi sí i, ó sì máa ń tutù lọ́wọ́. Wọ́n dúró ní 70 mítà, níbi tí ìwé àdéhùn ní kí wọ́n dúró.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò náà, omi sì jáde. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n gbé garawa 20 lítà wá, mo sì yọ fóònù mi láti ka ìṣẹ́jú. Garawa àkọ́kọ́ kún kíá. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Omi tó ti ṣẹ́ jọ sínú ihò ni. Garawa tó tẹ̀lé e pẹ́ jù ú lọ. Bí a ṣe ń gbé garawa lé garawa ni ó ń pẹ́ sí i, títí tó fi di ìṣẹ́jú mẹ́fà fún garawa kan, tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà fún 20 lítà, 200 lítà ni ní wákàtí kan. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ń fẹ́ nǹkan bí 700 lítà ní wákàtí. Ìyẹn ni pé kí garawa yẹn kún láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ihò tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, gbígbẹ la kà á sí.

Ọ̀gá agbẹ́kànga fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, omi kúkú wà. Ẹ jẹ́ ká gbé pọ́ǹpù lé e, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó yín. Owó tiyín á wọlé, tèmi náà á wọlé."

Mo ní, "Ọ̀gá, lóṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, ta ni yóò lọ bá àwọn ìyá yìí sọ̀rọ̀ nídìí pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́?"

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fún wa lówó ní àwọn kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu pé ihò gbẹ. Àfi kí agbẹ́kànga kọ ìwé ihò náà: bó ṣe jìn tó, ohun tó tú jáde ní mítà kọ̀ọ̀kan, iye lítà ní wákàtí, pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ní mẹ́rì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n agbẹ́kànga kò fẹ́ kọ pé ihò gbẹ. Ó fẹ́ kọ pé "omi rẹ̀ mọ níwọ̀n". Bí mo bá pè é lórí fóònù, yóò ní òun wà ní Paraku. Bí mo bá tún pè é, yóò ní ìwé ti wà lọ́nà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ìwé tó ní ihò gbẹ lára yóò bà á lórúkọ jẹ́ níbi tó ti ń wá iṣẹ́ mìíràn. Orúkọ tiẹ̀ ló ń ṣọ́. Ta ni ń ṣọ́ tiwa?

Ohun tó tú u ni àwọn òkìtì yẹn. Mo ti ya fọ́tò gbogbo wọn ní ìlà kí òjò tó wó wọn, mo sì ti ṣe fídíò garawa àti aago. Mo kó o lọ bá ẹni tó ń rí sí omi ní mẹ́rì. Ó wò ó títí, ó ní kò sí ohun tó ku láti jiyàn lé, ó sì pe agbẹ́kànga níṣojú mi. Ìwé náà dé wa lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, pẹ̀lú "200 lítà ní wákàtí" lára rẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ìgbà yẹn ni mo wá lè jókòó ti ìjábọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Owó tí a ti ná jẹ́ 5,230,000: 3,130,000 lórí kànga, 2,100,000 lórí ilé gàrí. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Alága wa ní kí n kọ ìdajì sílẹ̀, kò ní jẹ́ irọ́. Mo kọ̀. Ìdajì owó ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdajì omi. Mo pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, mo sì kọ ipò kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀: ògiri, ó tán, páànù, ó tán, ààrò, kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ, a kò tíì rà á, kànga, a gbẹ́ ẹ, ó gbẹ, a óò tún un gbẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ pé ìdí nìyí tí n kò fi fi iye kan ṣoṣo dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò tó kù. Kànga mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin jẹ́ 6,000,000, ilé gàrí ku 1,900,000, àpapọ̀ 7,900,000. Ohun tó wà lọ́wọ́ jẹ́ 770,000. Bí 4,000,000 bá dé, ó di 4,770,000. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó jẹ́ 3,130,000, iye tí ihò gbígbẹ yẹn jẹ gẹ́lẹ́. Mo fi ìlà sí abẹ́ iye méjèèjì kí ẹni tó ń kà á lè rí i pé ibẹ̀ nìkan ni owó gbà lọ, pé kò sí sẹ́fà kan tó bọ́ sọ́nà mìíràn.

Ní ti ọjọ́, mi ò kọ ọjọ́ kankan láìkọ ohun tó rọ̀ mọ́. Ilé gàrí yóò tán ní ìparí oṣù kẹsàn-án, bí owó bá dé kí oṣù keje tó parí. Ti kànga kò lè yá bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá òjò ni lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ agbẹ́kànga yóò rì sójú ọ̀nà abúlé. Nítorí náà, wíwo ilẹ̀ lóṣù kọkànlá, gbígbẹ́ lóṣù kejìlá, wíwọn omi àti gbígbé e lọ fún àyẹ̀wò lóṣù kìíní, sìmẹ́ǹtì ìdí pọ́ǹpù àti pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lóṣù kejì. Mo tún fi gbólóhùn kan kún un tí alága kò fẹ́: bí ihò kejì bá tún gbẹ, a óò dúró, a ò ní gbẹ́ ẹ̀kẹta láìjẹ́ pé a kọ̀wé sí wọn. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sún ìparí iṣẹ́ síwájú ní oṣù mẹ́jọ. Ó dun èmi náà nígbà tí mo kọ ọ́.

Wọ́n dáhùn. Wọ́n gba àwọn ọjọ́ náà, wọ́n fi 4,000,000 ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn yóò fi 2,000,000 kún un. 1,130,000 tó kù, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wá a. Inú bí mi, nítorí a kọ́ la fi àpáta síbẹ̀. Màmá ẹgbẹ́ ní kí n fọwọ́ wọ́nú, pé ilé gàrí yóò ti máa ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹwàá, kí a máa yọ díẹ̀díẹ̀ pamọ́ nínú owó ọjà.

Bí ẹ bá ń tọrọ owó kànga lórí ilẹ̀ àpáta, ẹ fi owó ihò kan tó lè gbẹ sínú ètò ìnáwó yín láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì pè é lórúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún wa. Ìwé àdéhùn wa tẹ́lẹ̀ san owó mítà fún agbẹ́kànga yálà omi wà tàbí kò sí. Nínú tuntun tí mo ń kọ lọ́wọ́, bí garawa bá gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ lẹ́yìn wákàtí tí a là sílẹ̀ fún wíwọn, ìdajì owó mítà ni yóò gbà, ìwé ihò náà yóò sì wà lọ́wọ́ wa kí ó tó gba sẹ́fà kan. Agbẹ́kànga méjì ti kà á, wọ́n kọ̀. Ẹ̀kẹta ní òun yóò gbà, ṣùgbọ́n owó mítà tirẹ̀ wọ́n ju 35,000 tí a san tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ń dúnàá dúrà lọ́wọ́.