Owó ọwọ́ yín ni kí ó pinnu iye àlejò ìsọmọlórúkọ

Ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń retí ìsọmọlórúkọ, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí iye ènìyàn tí ó fẹ́ pè, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbèsè ti ń wọlé. Owó tí ó wà nílẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ká ní ₦300,000 ni ẹ ti fi pamọ́. Ẹ yọ ₦100,000 sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìyá àti ọmọ, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Nínú ₦200,000 tí ó kù, bí àga àti kánópì bá gba ₦40,000, tí oyin, obì, orógbó, atare àti iyọ̀ gba ₦10,000, tí ẹ sì fi ₦15,000 de ohun àìròtẹ́lẹ̀, ₦135,000 ni yóò kù fún jíjẹ àti mímu. Bí ti ẹnìkan bá jẹ́ ₦2,700, ènìyàn 50 péré ni owó yín lè bọ́. Ẹni 40 ni kí ẹ pè, nítorí àlejò tiwa kì í sábà dá wá.

Ẹ má ṣe ka owó aṣọ ẹbí tàbí ìlérí ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn títí yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń dá èésú, ẹ tètè bẹ olórí rẹ̀ kí ó jẹ́ kí ẹ kó tiyín ní oṣù tí ó ṣáájú ìbímọ, torí láàárín ìbímọ àti ọjọ́ kẹjọ, kò sí àyè láti máa wá owó kiri.