Ìgbẹ́ ọmọ tuntun di aláwọ̀ ewé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti abẹ́rẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ mi ọkùnrin jáde, torí omi ti dà tipẹ́, ọ̀nà kò sì ṣí. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kí kòkòrò má ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá gún un ní ampisilíìnì àti jẹntamaisíìnì fún ọjọ́ 5. Ó ti pé ọjọ́ 19 báyìí. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn, ó dà bí ewé gígún, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Kílò 3.2 ni nígbà tí mo bí i, 3.5 ni lánàá. Ọmú ni mo ń fún un, mo sì ń fi mílíìkì agolo 60 mílílítà kún un lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ṣé inú rẹ̀ ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ. Ìwọ̀n tí ẹ kọ ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó ka ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Ọmọ tuntun a máa fọn díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 2, á ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i. Tiyín ti fi 300 gíráàmù kọjá ibẹ̀. Ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í sanra báyẹn. Kí ọmọ ọlọ́mú ṣe ìgbẹ́ olómi ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kì í ṣe tuntun, àwọ̀ ewé nìkan kò sì tó àìsàn.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà nínú ìfun rẹ̀ lóòótọ́. Tí obìnrin bá bímọ fúnra rẹ̀, ọmọ máa ń gba bakitéríà láti inú ìfun ìyá rẹ̀ bó ṣe ń jáde, torí ojú ara àti ihò ìdí kò jìnnà síra. Àwọn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀dó sínú ìfun ọmọ. Èyí tí wọ́n gbà jáde láti ikùn kì í rí wọn gbà tó bẹ́ẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 yẹ ìgbẹ́ ọmọ 596 wò. Àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ní Bakitéróídìsì àti Bifidobakitéríà, àwọn bakitéríà rere inú ìfun, ṣùgbọ́n Ẹntẹrokọ́kọ́ọ̀sì àti Klẹbusiẹ́là pọ̀ lára wọn, èyí tó sábà máa ń wà káàkiri ilé ìwòsàn. Ẹ tún rántí pé wọ́n máa ń fún ìyá pàápàá ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò kí wọ́n tó là á.

Abẹ́rẹ́ ọjọ́ 5 wá bá ìyẹn pàdé. Oògùn náà kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú, Bifidobakitéríà sì wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, ẹ má kábàámọ̀ pé wọ́n gún un. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ lè pa ọmọ tuntun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nẹ́dálándì, tó jáde lọ́dún 2022, fi oríṣi àpòpọ̀ oògùn mẹ́ta wéra lára ọmọ tuntun: pẹnisilíìnì pẹ̀lú jẹntamaisíìnì ló da ìfun rú kéré jù, amọ́sísilíìnì pẹ̀lú sẹfotásíìmù ló burú jù. Ti ọmọ yín sún mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni ọmú. Nínú ọmú ni ṣúgà kan wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà, ó sì pọ̀ o: tí a bá yọ omi kúrò, ọ̀rá àti ṣúgà tó ń mú ọmú dùn nìkan ló pọ̀ jù ú lọ nínú wàrà ìyá. Bifidobakitéríà ló ń jẹ ẹ́, pàápàá ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní infántísì. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń sọ inú ìfun di kíkan, Klẹbusiẹ́là àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í fẹ́ ibi tó bá kan. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú nìkan sábà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè bí pupa ẹyin, kíkan yẹn ló sì ń jẹ́ kó máa rùn díẹ̀ bí omidùn. Tí mílíìkì agolo bá wọ̀ ọ́, kíkan yẹn á dín kù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yọ agolo náà díẹ̀díẹ̀. Ti òru ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, torí òru ni èròjà ara ìyá tó ń mú kí ọmú wá máa ń pọ̀ jù, àfi tí ọmọ bá fà á ni ara yóò mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ sí i. Ẹ fún un ní ọmú méjèèjì lásìkò yẹn. Tó bá pé ọjọ́ 7, ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Tó bá ti ń fi bí 20 sí 30 gíráàmù lé lójúmọ́, tó sì ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà ó kéré tán, ẹ yọ ìkejì. Tí kò bá sanra tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ ní kí wọ́n wo bó ṣe ń gbá ọmú mú.

Ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 tàbí tó tutù, tí kò bá mu ọmú, tó bá ń bì lemọ́lemọ́, tàbí tí àárín orí rẹ̀ tó ń mí fùkẹ̀ bá jìn wọnú.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ní ká kán ampíkílọ́ọ̀sì sí i lẹ́nu, ká sì fi àgbo fọ inú rẹ̀. Èmi fẹ́ ra bakitéríà onílẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Èwo ló dáa?

Ìdáhùn: Ampíkílọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbàgbé. Apakòkòrò ni, ìran kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n gún un. Ó máa pa ìwọ̀nba Bifidobakitéríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́ fún Màmá pé dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gba apakòkòrò mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ fún un. Mo mọ̀ pé ẹnu dókítà máa ń wúwo ju ti ìyàwó lọ. Ní ti àgbo àti omi, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò wọn. Wọ́n á gba àyè ọmú nínú ikùn rẹ̀, omi náà sì lè gbé kòkòrò wọlé.

Ní ti onílẹ́búlẹ́bú, ẹ ka ara páálí. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ Lakitobasílọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà, kì í sì í sábà tẹ̀dó sínú ìfun ọmọ, tí ẹ bá ti dáwọ́ dúró ni yóò bá ìgbẹ́ jáde. Kódà infántísì pàápàá, tí kò bá rí ṣúgà inú ọmú jẹ, kò ní pẹ́ níbẹ̀. Fún ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, ewu wà níbẹ̀: lọ́dún 2023, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ kan kú, torí bakitéríà inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tiyín pé oṣù, ó sì ń sanra. Èmi ò ní ná owó yẹn.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní tí mo bá tún bí pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, kí n ní kí wọ́n fi omi ojú ara mi pa ọmọ lẹ́nu àti lójú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àwọn kan ń dán an wò nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má ṣe é níta ìwádìí, torí ó lè gbé kòkòrò àrùn tí ìyá kò mọ̀ pé òun ní fún ọmọ. Ìwádìí 2019 yẹn sì fi hàn pé bakitéríà inú ìfun ìyá ni ọmọ iṣẹ́ abẹ ń pàdánù, kì í ṣe ti ojú ara. Ibi tí ẹ fẹ́ bu nǹkan kì í ṣe ibi tí ó wà.

Nínú ìwádìí náà, ìgbà tí àwọn ọmọ fi máa tó oṣù 6 sí 9, ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn ti pòórá, Bakitéróídìsì ló ṣì kéré lára àwọn ọmọ iṣẹ́ abẹ. Tí ẹ bá tún máa bí, kí wọ́n gbé ọmọ lé yín láyà kí ẹ tó kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ tó bá ṣeé ṣe, kí ó sì mu ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Ọmú máa ń pẹ́ dé díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ sì ni agolo ti máa ń rí ọ̀nà wọlé.